Bí a ṣe ń kọ bíríìfù ẹjọ́ òfin ìṣàkóso: Garba àti Yunifásítì Maiduguri

Lọ́dún 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan tó ti Maiduguri wá, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ òfin ìṣàkóso ní orílẹ̀-èdè yìí kò lè yẹ̀ sílẹ̀ fún: Garba v. University of Maiduguri. Ẹ máa rí i nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ Nigerian Weekly Law Reports báyìí: (1986) 1 NWLR (Pt. 18) 550. Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Bwari, àwọn tó wà ní yunifásítì ní Gwagwalada, àti àwọn lọ́yà kéékèèké tí ilé iṣẹ́ ìjọba gbà síṣẹ́ ní Àbújá níbí, gbogbo wọn ló ń kọ bíríìfù rẹ̀, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú ohun tó wà nínú ìdájọ́ náà. Púpọ̀ nínú bíríìfù tí wọ́n ń mú wá fún mi láti yẹ̀ wò ló parí sórí gbólóhùn kan náà: "Ilé ẹjọ́ ní yunifásítì kò lágbára láti lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde."

Ilé ẹjọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé gbólóhùn yẹn wọ kóòtù, lọ́yà yunifásítì máa fọ́ ọ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ọmọ náà kò ka ìdájọ́. Ó kà á, ṣùgbọ́n ó béèrè ìbéèrè tó fẹ̀ jù, ìdáhùn rẹ̀ náà sì fẹ̀ jù. Ẹjọ́ yìí kan náà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun mẹ́rin tí ẹ gbọ́dọ̀ wá kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Nínú ẹjọ́ òfin ìṣàkóso, kì í ṣe aládùúgbò méjì ló ń jà lórí ilẹ̀. Ẹnì kan tàbí ìgbìmọ̀ kan tí òfin gbé agbára lé lọ́wọ́ ló ṣe ìpinnu, ẹni tí ìpinnu náà bá sì ní òun kò gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìdájọ́ náà lẹ́ẹ̀kíní, ẹ wá ohun mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yín: ta ló ṣe ìpinnu? Òfin wo, abala wo, ló sọ pé ó fún un lágbára? Ọ̀nà wo ló gbà kó tó dé orí ìpinnu náà? Kí ni ẹni tó gbé e lọ sí kóòtù ń bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe fún òun?

Nínú ẹjọ́ Garba, gíwá yunifásítì ló lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde. Abala 17 nínú òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ lọ́dún 1979 ni yunifásítì dúró lé. Abala yẹn fún gíwá lágbára láti jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá hu ìwà tí kò tọ́ níyà. Ọ̀nà tó gbà ni pé ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì kọ ìròyìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá gba ọ̀nà ìlànà ìgbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1979 lọ sí kóòtù, wọ́n ní kí wọ́n fagi lé lílé tí wọ́n lé àwọn.

Kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí òpin ìdájọ́ àkọ́kọ́, níbi tí adájọ́ ti sọ ohun tí kóòtù pa láṣẹ, kí ẹ mọ ẹni tó borí. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí ibi tó ti to àwọn ìbéèrè tí wọ́n gbé ka iwájú ilé ẹjọ́. Ìgbà tí ẹ bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni kí ẹ tó ka ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ẹ máa lè mọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn náà. Àkópọ̀ kúkúrú tí olóòtú ìwé àkójọ ìdájọ́ kọ síwájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ adájọ́. Ẹ lè fi í wá ọ̀nà, ẹ má ṣe dà á kọ sínú bíríìfù.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ rú: ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, adájọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Adájọ́ Obaseki ló kọ ìdájọ́ tó ṣíwájú nínú ẹjọ́ Garba, àwọn yòókù, títí kan Adájọ́ Oputa, sì sọ tiwọn. Inú ìdájọ́ tó ṣíwájú ni kí ẹ ti mú ìpinnu. Bí ẹ bá mú gbólóhùn tó dùn láti inú ti adájọ́ mìíràn, ẹ dárúkọ onítọ̀hún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ibi tí bíríìfù ti máa ń sanra jù nìyí, níbi tó yẹ kó gbẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ojú ìwé méjì lórí bí rògbòdìyàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń bínú sí, ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù. Nígbà tó bá yá, ohun tó gbé ẹjọ́ náà dúró gan-an á kù ní ìlà kan.

Ìdánwò kan wà tí mo fi ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ yọ ohun kan kúrò nínú ìtàn náà, kí ẹ bi ara yín léèrè: bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, ṣé ìdájọ́ máa yí padà? Bí kò bá ní yí padà, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì náà ní oṣù kejì ọdún 1983. Ká ní ó ṣẹlẹ̀ ní 1982 ńkọ́? Ìdájọ́ kò ní yí padà. Ọdún lè wà nínú bíríìfù nítorí àtitẹ̀lé ìtàn, ṣùgbọ́n kò gbé ohunkóhun ró. Wàyí o, ẹ wo irú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà: dídáná sun ilé, olè jíjà, bíba dúkìá jẹ́, fífi ọwọ́ kan ènìyàn lọ́nà ìṣekúṣe. Ká ní ẹ̀sùn náà jẹ́ pé wọ́n jí ìwé wò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ńkọ́? Gbogbo ẹjọ́ náà á yí padà, nítorí ìdí pàtàkì tí ilé ẹjọ́ fi dá yunifásítì lẹ́bi ni pé ọ̀ràn tí òfin ìwà ọ̀daràn mọ̀ ni wọ́n fi kàn wọ́n. Irú ẹ̀sùn náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ní kedere.

Ẹnì kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: alága ìgbìmọ̀ ìwádìí. Igbákejì gíwá ni, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà ṣe ní jàǹbá. Mo ti rí bíríìfù tó kọ "ìgbìmọ̀ ìwádìí kan jókòó" tí kò sì sọ ẹni tó darí rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, apá kan nínú ìdájọ́ náà kò ní ìdí mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé ìgbìmọ̀ náà pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá síwájú rẹ̀, ó gbọ́ ẹnu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ nípa wọn, wọn kò sì rí àyè bi àwọn ẹlẹ́rìí náà ní ìbéèrè. Ẹ ṣọ́ra níbí. Bí ẹ bá kọ pé "wọn kò gbọ́ ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rárá," ẹ ti pa irọ́, ẹ sì ti sọ ẹjọ́ náà di kékeré. Wọ́n gbọ́ ẹnu wọn díẹ̀, ilé ẹjọ́ sì sọ pé díẹ̀ yẹn kò tó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹjọ́ náà wúlò.

Bí èmi yóò ṣe kọ apá yìí nìyí:

*Rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri lọ́dún 1983. Gíwá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Igbákejì gíwá, tí rògbòdìyàn náà kàn, ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ takò wọ́n, wọn kò sì lè bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ ní wọ́n jẹ̀bi ìwà bíi dídáná sun ilé àti olè jíjà. Lórí ìròyìn yìí ni wọ́n fi lé wọn jáde. Ilé Ẹjọ́ Gíga dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láre, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, wọ́n sì gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.*

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, ìyẹn ọ̀nà tí ẹjọ́ náà gbà gòkè, má ṣe jẹ́ kó sọnù. Òun ló ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé kóòtù wo ni wọ́n ń pè ní aláṣìṣe.

Ìbéèrè

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí ìbéèrè bá tọ́, ìpinnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀.

"Ǹjẹ́ yunifásítì lè lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde?" kò dára, nítorí kò sí òfin nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà mìíràn, "rárá" nígbà mìíràn. "Ǹjẹ́ wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú?" náà kò dára, torí gbogbo ẹjọ́ irú èyí ló lè ru àkọlé yẹn. Ìbéèrè tó dára nínú òfin ìṣàkóso ní apá mẹ́ta: lábẹ́ òfin wo, aláṣẹ wo ló ṣe kí ni, nígbà tí ọ̀ràn rí báwo. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀nà yẹn gan-an títí tó fi máa mọ́ yín lára.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: *Lábẹ́ abala 17 òfin yunifásítì náà àti abala 33 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1979, ǹjẹ́ gíwá lè lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde lórí ìròyìn ìgbìmọ̀ ìwádìí, nítorí ìwà tó jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn, nígbà tí kóòtù kò tíì dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bi?*

Ìkejì: *Ìgbìmọ̀ tí ẹni tí rògbòdìyàn kàn jẹ́ alága rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn dojú kọ ẹlẹ́rìí, ǹjẹ́ ó gbọ́ ẹjọ́ lọ́nà tó tọ́ lábẹ́ abala 33?*

Ìkẹta máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa: *Ǹjẹ́ ó di dandan kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbé ẹ̀hónú wọn lọ sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ yunifásítì kí wọ́n tó lè dé kóòtù?* Nínú òfin ìṣàkóso, ìbéèrè bí ẹni náà ṣe dé kóòtù sábà máa ń ṣe pàtàkì bí ìbéèrè tó gbé wá. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìpinnu

Kúkúrú ni. Ìbéèrè mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta, nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà gan-an. Rárá, gíwá kò lè fi ìròyìn ìgbìmọ̀ ìwádìí dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi ọ̀ràn tó jẹ́ ti kóòtù, kó sì fi lé e jáde. Rárá, ìgbìmọ̀ yẹn kò gbọ́ ẹjọ́ lọ́nà tó tọ́. Rárá, àìlọ sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ kò ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ wọn nínú ẹjọ́ yìí. Kí ẹ wá fi àṣẹ kóòtù kún un: wọ́n fagi lé ìdájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì borí.

Ẹ kíyè sí i pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò sọ ohunkóhun nípa jíjí ìwé wò nínú ìdánwò, ìmúra, tàbí àìsan owó ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá rí i pé ìdáhùn yín gbòòrò ju ìbéèrè lọ, ẹ padà lọ gé e.

Ìdí

Apá yìí ni adájọ́ fi ń dámọ̀ ẹni tó ka ẹjọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gbọ́ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ yín ni láti tẹ̀ lé ẹsẹ̀ adájọ́ láti òfin dé orí ìpinnu, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láì fo èyíkéyìí.

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, ọ̀nà tí Adájọ́ Obaseki gbà rìn nìyí. Abala 33 sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́ níwájú kóòtù tàbí ilé ìgbẹ́jọ́ tí òfin gbé kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí gíwá yàn kì í ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyẹn. Ó lè ṣe ìwádìí, ó sì lè fa ẹni tó bá fura sí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ti sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi dídáná sun ilé, ó ti wọ aṣọ adájọ́ tí òfin kò fún un. Ó wá ku abala 17. Yunifásítì ní agbára láti bá ìwà tí kò tọ́ wí, ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò gbà pé "ìwà tí kò tọ́" nínú òfin kékeré yẹn gbòòrò tó láti gbé ọ̀ràn kúrò lọ́wọ́ kóòtù, nígbà tí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè, tó ga jù ú lọ, ti fi í sọ́wọ́ kóòtù.

Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Ẹni tó bá kọ pé "ilé ẹjọ́ ní abala 33 dáàbò bo àwọn akẹ́kọ̀ọ́" ti fo mẹ́ta nínú wọn.

Lórí ìbéèrè kejì, ìdí méjì ló wà, kò sì yẹ kí a lọ̀ wọ́n pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti alága. Kóòtù kò sọ pé igbákejì gíwá náà ṣe ojúsàájú ní ti gidi, kò sì sí ìdí láti fi hàn pé ó ṣe é. Ohun tí wọ́n wò ni bóyá ẹni tó ń wòran láti ìta, tí orí rẹ̀ pé, á gbà pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tí jàǹbá kàn ṣe ojúsàájú. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ ọ́ sínú bíríìfù pé "alága náà ṣe ojúsàájú," ẹ ti sọ ohun tí ìdájọ́ kò sọ. Èkejì jẹ́ ti gbígbọ́ tọ̀tún-tòsì. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kóòtù wá fi kún un pé kò tó kí wọ́n ṣáà fi ẹ̀sùn kan ẹni náà kí wọ́n sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n jẹ́rìí sí nípa rẹ̀, kó sì ní àǹfààní láti dán ẹ̀rí náà wò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú apá yìí ni pé kí ènìyàn kọ àwíjàre lọ́yà sílẹ̀ bí ẹni pé ti kóòtù ni. Nínú ìdájọ́ gígùn, adájọ́ máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kan sọ, lẹ́yìn náà ti ẹ̀gbẹ́ kejì, fún ojú ìwé púpọ̀, kó tó sọ ìdáhùn tirẹ̀. Bí ìpínrọ̀ náà bá ní orúkọ lọ́yà nínú, ẹ ka ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ibi tí adájọ́ bá ti sọ pé òun gbà, tàbí òun kò gbà, ni ìdí bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi láti Bwari pé kí wọ́n fi báírò pupa sàmì sí ibi tí adájọ́ ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdí láti inú ibi pupa nìkan.

Ohun kejì ni pé kí ẹ ya ìdí tó gbé ìpinnu ró sọ́tọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kàn sọ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá yí gbólóhùn náà sódì tí ìpinnu kò sì mì, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni. Ó lè wúlò, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sọ irú ohun tó jẹ́.

Ibi tí ẹjọ́ náà dé, àti ibi tí kò dé

Ọ̀pọ̀ bíríìfù ló máa ń dúró sórí ìdí. Fún ẹjọ́ òfin ìṣàkóso, mo máa ń ní kí wọ́n fi ìpínrọ̀ kan kún un, nítorí agbára àwọn aláṣẹ kì í dúró lójú kan.

Àkọ́kọ́, ẹ wo bóyá òfin tí ẹjọ́ náà dúró lé ṣì wà. Abala 33 ti 1979 ti di abala 36 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹjọ́ tó wá lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Garba ni University of Ilorin v. Oluwadare, (2006) 14 NWLR (Pt. 1000) 751, tó ti Ìlọrin wá. Wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde nítorí ẹ̀sùn màgòmágó nínú ìdánwò. Òun náà gba ọ̀nà ìgbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí kóòtù, bí àwọn ti Maiduguri ti ṣe. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò dá a láre. Wọ́n ní ohun tó ń béèrè gan-an ni pé kí wọ́n gbà á padà sí yunifásítì, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kàn rọ̀ mọ́ ọn ni, ó sì yẹ kó ti kọ́kọ́ lo ọ̀nà ẹ̀hónú tó wà nínú yunifásítì tán.

Ẹ wá gbé ẹjọ́ méjèèjì síra. Lílé jáde ni méjèèjì, yunifásítì ni méjèèjì, ìlànà kan náà ni wọ́n bá lọ sí kóòtù. Ìyàtọ̀ wà nínú irú ẹ̀sùn. Ẹni tó bá ti kọ irú ẹ̀sùn náà sínú ohun tó ṣẹlẹ̀ àti sínú ìbéèrè àkọ́kọ́, á rí ìyàtọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kọ "ǹjẹ́ yunifásítì lè lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde?" á máa rò pé ilé ẹjọ́ kan náà ta ko ara rẹ̀ láàárín ogún ọdún.

Nítorí náà ìpínrọ̀ ìkẹyìn nínú bíríìfù Garba, bí mo ṣe máa kọ ọ́: *Ẹjọ́ yìí kan ìwà tó jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn. Kò gba agbára yunifásítì lórí ìwà àìtọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, bíi màgòmágó ìdánwò. Fún irú ìyẹn, wo Oluwadare, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá a ti lo ọ̀nà ẹ̀hónú inú ilé tán.*

Bíríìfù tó dára lórí ẹjọ́ yìí kò yẹ kó ju ojú ìwé méjì lọ. Bí tiyín bá ti wọ ìkẹta, inú ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ohun tí ẹ máa gé. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé àkójọ ìdájọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan, nítorí lọ́jọ́ tí adájọ́ bá bi yín pé "Níbo ni wọ́n ti sọ ọ́?", kò ní sí àyè láti máa ṣí ìwé kiri.